Àsọtẹ́lẹ̀ Àpapọ̀ Kì í Sábà Jìnnà sí Òótọ́

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà ràn-ìn ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí àwọn onímọ̀ má sọ iye ènìyàn tí àrùn náà máa pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń bọ̀. Bí yunifásítì kan bá ní iye báyìí ni, òmíràn á ní ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oníkálukú ló ní mọ́dẹ̀lì tirẹ̀, ìyẹn ètò ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń wo ohun tó ti kọjá láti fi sọ èyí tó ń bọ̀. Nicholas Reich àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Amherst, wá ń gba gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ yìí jọ sójú kan. Wọ́n ń ro wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń fi iye mọ́dẹ̀lì pín in dọ́gba-dọ́gba. Orúkọ tí wọ́n fún èyí tó bá jáde ni `COVIDhub-ensemble`. Nígbà tí wọ́n padà fi àsọtẹ́lẹ̀ wé iye tó kú lóòótọ́, mọ́dẹ̀lì kan lè ṣe dáadáa jù ú lọ lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó ṣe déédéé tó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tó bá rò pé òwe ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n lásán la fẹ́ pa níbí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ènìyàn 5,000 ló kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mọ́dẹ̀lì A ti sọ 5,600, B sọ 4,500, C sọ 5,200. Ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta: 5,100. C, tó mókè láàárín wọn, fi 200 ṣìnà. Àpapọ̀ fi 100 péré ṣìnà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 6,000 ló kú. A sọ 6,050, B sọ 5,350, C sọ 6,900. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 6,100. Lọ́tẹ̀ yìí, A na àpapọ̀, nítorí 50 ló fi ṣìnà. Ṣùgbọ́n C tó gbégbá orókè lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Òun ló wá kẹ́yìn, ó fi 900 ṣìnà! Bí a bá ro àṣìṣe ọ̀sẹ̀ méjèèjì, A ní 650, C ní 1,100, B ní 1,150. Àpapọ̀ ní 200.

Ohun tó fà á ni pé àwọn kan ṣì í sókè, àwọn kan ṣì í sísàlẹ̀. Nígbà tí a rò wọ́n pọ̀, àṣìṣe tòkè jẹ àṣìṣe tìsàlẹ̀. Àti pé ta ló mọ èyí tó máa mókè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Èyí tó mókè lánàá nìkan la mọ̀.

Ẹnì kan lè ní kí a fún mọ́dẹ̀lì tó dáa ní ìpín tó pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èrò gidi ni. Bates àti Granger dábàá rẹ̀ ní 1969, nígbà tí wọ́n ń pa àsọtẹ́lẹ̀ iye èrò ọkọ̀ òfúrufú pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dán an wò lẹ́yìn wọn rí i léraléra pé ìpín ọgbọọgba tó rọrùn yẹn ṣòro láti nà. Inú àṣìṣe àtẹ̀yìnwá la ti ń ṣírò ìpín. Bí àkọsílẹ̀ ọwọ́ wa kò bá ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, a lè máa fún oríire lẹ́bùn, ká rò pé ìmọ̀ ni. Ẹ ò rí C lókè yẹn?

Kì í ṣe pé ọ̀nà yìí kò ní àbùkù. Bí mọ́dẹ̀lì kan bá sọ iye tó kọjá àfẹnusọ, yóò fa gbogbo àpapọ̀ lọ. Nítorí èyí, láàárín ọdún 2020 kan náà, ẹgbẹ́ Reich fi ìpíndọ́gba sílẹ̀: wọ́n to àwọn nọ́ńbà láti kékeré dé ńlá, wọ́n sì mú èyí tó wà láàárín gan-an.

Àbùkù kejì ló burú jù, nítorí kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣì í sí apá kan náà, kò sí àṣìṣe tó máa jẹ àṣìṣe. Nígbà tí ẹ̀yà Delta dé ní 2021, iye àwọn tó ń kó àrùn náà yára ga ju bí ọ̀pọ̀ mọ́dẹ̀lì ṣe rò lọ, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá ni wọ́n ń wò. Àpapọ̀ bá wọn ṣìnà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ kò lè ju èyí tó dáa jù nínú wọn lọ; ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe ni pé kò ní burú tó èyí tó kẹ́yìn.

Nítorí náà, kí ẹ tó pa àsọtẹ́lẹ̀ pọ̀, yálà ti òjò ni tàbí ti ọjà, ẹ gbé àwọn ti àtijọ́ kalẹ̀, kí ẹ yọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn kan bá lé, tí àwọn kan dín, ẹ pín wọn dọ́gba, ó ti tó. Bí gbogbo wọn bá ń lé tàbí tí gbogbo wọn ń dín, ẹ lọ wá mọ́dẹ̀lì tó ń gba ọ̀nà mìíràn ṣírò, ì báà má tilẹ̀ dáa tó wọn.