Bí a ṣe ń gbé ọpẹ́ Yorùbá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì tí kò fi ní tutù

Ọ̀rọ̀ ìwé ọpẹ́ ni mo mú wá lónìí, nítorí ó ti kó ìtìjú bá èmi fúnra mi rí.

Ní abúlé kan ní agbègbè Kétu, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gààrí rí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá òyìnbó kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà kò gbọ́ Yorùbá, Faransé pàápàá kò yé e. Àwọn ìyá wa wá ní kí n bá wọn kọ ìwé sí i. Wọ́n ń sọ, èmi ń kọ. Ohun tí wọ́n sọ nìyí:

“Ìyá wa, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ kò ní ṣòfò ọmọ. Ẹ kò ní sunkún ọmọ. Ọmọ ni yóò sin yín.”

Ta ló máa gbọ́ èyí tí ara rẹ̀ kò ní yá gágá? Mo jókòó, mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mi ò fo ohunkóhun. Ìdáhùn dé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Ìyá náà ní inú òun dùn pé ẹ̀rọ ti dé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bínú o, òun kò ní owó tí òun lè fi ra òmíràn. Ó sì rọra bèèrè bóyá òun ṣẹ ẹnì kan ní abúlé, nítorí ìwé náà ń sọ nípa ikú àwọn ọmọ òun.

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́! Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí “yinniyinni, kẹ́ni ó ṣèmíì”. Lójú wa, ìyìn ni. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé a rí ohun tó ṣe, pé ọ̀nà àárín wa ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tú òwe náà sí Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe wà, ohun tó ń wí ni pé “à ń yìn yín kí ẹ lè tún fún wa.” Ẹni tí kò bá wa dàgbà yóò fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ọpẹ́ tiwa kì í parí lọ́jọ́ kan. Tí ẹnì kan bá ṣe wá lóore lónìí, a ó lọ sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la lọ sọ pé “ẹ ṣeun àná o.” Tí a bá tún pàdé rẹ̀ lọ́jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a lè tún un sọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà a sì parí síbẹ̀. Tí ẹ bá tún dúpẹ́ ohun kan náà lẹ́ẹ̀kẹta nínú ìwé kan, wọ́n á máa rò ó pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àdúrà ló tún burú jù. Ẹ ti ṣàkíyèsí pé ní èdè wa, tí a bá fẹ́ ṣúre fún èèyàn dáadáa, a máa ń pe orúkọ aburú náà ká tó lé e lọ? “Ẹ kò ní ṣòfò ọmọ.” “Ẹ kò ní ríjà ogun.” Ẹni tó ń gbọ́ ọ yóò ṣe “àmín” kíákíá, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí, kò tún jẹ́ àdúrà mọ́, ó ti di àsọtẹ́lẹ̀. Ó dà bí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa ọmọ rẹ̀, tó wá ń fi í lọ́kàn balẹ̀ láìjẹ́ pé ó bèèrè. “Ọmọ ni yóò sin yín” ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ta ló fẹ́ ayé tó dára ju ìyẹn lọ? Òyìnbó gbọ́ “sin”, sàréè nìkan ló rí.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo ń wá ohun rere tó wà lẹ́yìn aburú tí a lé. Tí àwọn ìyá bá ní “ẹ kò ní ṣòfò ọmọ”, ohun tí wọ́n ń tọrọ ni ẹ̀mí gígùn fún àwọn ọmọ náà. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ. “Ọmọ ni yóò sin yín” á di “kí ẹ dàgbà láàárín àwọn ọmọ yín.” Kí ẹ sì fi “wí pré dát” ṣáájú rẹ̀, ìyẹn “à ń gbàdúrà pé”, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ẹbẹ̀ ló ń gbọ́, kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀.

Ẹ gbà mí láyè kí n ya díẹ̀ síbí. Àwa tí a lọ sí iléèwé Faransé, a kì í sábà ti inú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tààrà. A máa ń gba inú Faransé kọjá, ibẹ̀ sì ní ihò tirẹ̀. Tí Faransé bá ní “dùmáǹdé”, títọrọ ló ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, “dimáǹdì”, ṣùgbọ́n ìyẹn ni kéèyàn fi agbára bèèrè, bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ “wí dimáǹdì Gọ́ọ̀dù” sínú ìwé ọpẹ́. Ó ń pàṣẹ fún Ọlọ́run láìmọ̀!

Ó kù òwe méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkàn Owómóyèlà tẹ ìwé ńlá kan jáde lọ́dún 2005 lórí òwe Yorùbá. Bó ṣe tò ó ni pé ó kọ òwe, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wá fi àlàyé sí i lẹ́yìn. Inú ìwé ńlá lèyí ti ṣeé ṣe. Nínú ìwé ọpẹ́ tí kò ju ojú ewé kan lọ, àlàyé á pa òwe. Nítorí náà, òwe tí àwòrán inú rẹ̀ bá dá dúró, tí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lè fojú inú wò ó, òun nìkan ni mo ń jẹ́ kó kọjá. Ọwọ́ ọmọdé àti pẹpẹ kọjá wẹ́rẹ́, nítorí gbogbo ayé ló ní pẹpẹ. Kèrègbè ló fẹ́ dá mi dúró, mo bá kọ ọ́ pé “kèrègbè tí ọrùn rẹ̀ há”, ó parí. Òwe yìí tún wúlò nítorí pé kò sọ wá di alágbe: ohun kan wà tí ọwọ́ ìyá náà dé, ohun kan sì wà tí ọwọ́ tiwa náà wọ̀.

Ti ọlọ́ṣà ní tirẹ̀, bó ṣe wà kò dára. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa “ẹni” kan, òyìnbó á sì máa wò ó pé ta ni olè níbí. Mo yí i sórí àwa fúnra wa: tí a kò bá dúpẹ́, a dà bí olè. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ “ẹ ṣeun” mẹ́ta kúrò, tí ẹ yọ yinniyinni, kí ni yóò mú ìwé náà gbóná? Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. “Yú” ni ti ọmọdé, “yú” náà ni ti ọba. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà fún wọn ni kí ẹ sọ ohun tí oore náà ṣe, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, débi tí olóore yóò fi rí i. Mo padà lọ bá àwọn ìyá, mo ní: “Ẹ má dúpẹ́ mọ́. Ẹ sọ bí nǹkan ṣe rí kí ẹ̀rọ tó dé fún mi.” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, ilẹ̀ sì ṣú. Ìwé kejì nìyí, bí mo ṣe kà á padà fún wọn ní Yorùbá:

“Ìyá wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ fún ẹ̀rọ tí ẹ rà fún wa. Tẹ́lẹ̀, orí páànù tí a fi ìṣó lu ni a ti ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, páànù náà a sì máa gé wa níka. Báyìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ń tán kí oòrùn tó mú. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń dúró nílé ràn wá lọ́wọ́ ti ń lọ síléèwé ní ọjọ́ tí a bá ń rin ẹ̀gẹ́. Àwọn èèyàn ibí máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó orí pẹpẹ, ọwọ́ àgbà kò sì wọ kèrègbè tí ọrùn rẹ̀ há. Ẹ ti bá wa mú ohun tó wà lórí pẹpẹ. Tí a kò bá dúpẹ́, a ó dà bí olè tó gbé ẹrù yín lọ. À ń gbàdúrà pé kí àwọn ọmọ yín pẹ́ láyé, kí ẹ sì dàgbà láàárín wọn.”

Kí n tó fi í ránṣẹ́, mo gbé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún olùkọ́ mìíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, mo ní kó tú u padà sí Yorùbá fún mi. Ìdánwò tí mo fọkàn tán jù nìyẹn. Tí ohun tó padà wá bá dà bí ẹbẹ̀ owó tàbí ìhàlẹ̀, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dún létí ẹni tó ń gbà á.

Ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní: “Tísà, ẹ ti yọ yinniyinni, ẹ ti yọ ẹ ṣeun méjì. Ṣé ọpẹ́ wa náà ló kù yìí?” Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Nǹkan kan ti bọ́ lọ lóòótọ́: ohùn tí gbogbo wọn fi ń sọ ọ́ pọ̀, àti “àmín” tí kò sẹ́ni tí yóò ṣe é lọ́hùn-ún. (Tó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni ẹ ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí, kódà tí kò gbọ́ Yorùbá, ẹ fi àdúrà púpọ̀ sí i, ó ń retí rẹ̀.) A wá fẹnu kò pé “ẹ ṣeun” méjì tó kù kò ní sọnù, a ó pín in sórí oṣù. Nígbà tí wọ́n ta gààrí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ náà ṣe, a kọ ìlà mẹ́rin sí ìyá náà láti sọ fún un. Nígbà tí ọdún yípo, a tún kọ ìlà mẹ́rin. “Ẹ ṣeun àná” tiwa nìyẹn, àná rẹ̀ kàn gùn díẹ̀ ni.

Ìdáhùn sí ìwé tó sọ̀rọ̀ pẹpẹ kò mẹ́nu kan owó rárá. Ìyá náà bèèrè bí kèrègbè ṣe rí. Àwọn ìyá wa fọ ọ̀kan, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n sì wá ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sọ́hùn-ún tó bá wọn gbé e lọ.