Ìwé Wo Ni Kí A Má Ṣí Nípò?

Ìwé mẹ́sàn-án kan wà lórí pẹpẹ nílé mi. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, apá-apá ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn láti 1 dé 9. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọmọ ti fi wọ́n ṣeré tán, báyìí ni mo ṣe bá wọn láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún: 4, 8, 2, 6, 9, 3, 5, 1, 7. Mo fẹ́ tò wọ́n padà. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n máa fa ìwé kan yọ, kí n sì kì í bọ àárín àwọn yòókù níbi tó yẹ ẹ́. Àwọn ìwé náà wúwo, n kò sì fẹ́ fa èyí tí kò pọn dandan yọ. Mélòó ni mo gbọ́dọ̀ fà yọ?

Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè náà padà. Dípò ká bèèrè èyí tí a ó fà yọ, ká bèèrè èyí tí a ó fi sílẹ̀. Gbogbo ìwé tí a kò bá fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ ti wà létòlétò láàárín ara wọn: bí a bá ń kà wọ́n lọ sápá ọ̀tún, nọ́ńbà wọn gbọ́dọ̀ máa ga sí i. Kò pọn dandan kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Bí àpẹẹrẹ, 4, 8 àti 9 wà bẹ́ẹ̀: 4 ṣáájú 8, 8 ṣáájú 9. Bí mo bá fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀, mo ní láti ṣí mẹ́fà. Bí mo bá rí mẹ́rin tó ń gòkè báyìí, mo ṣí márùn-ún péré. Nítorí náà, ohun tí a ń wá ni ọ̀wọ́ tó ń gòkè tó sì gùn jù lọ nínú ìlà náà.

Fún ìwé mẹ́sàn-án, ojú lásán lè rí i. Ṣùgbọ́n ká ní ìlà náà gùn tó 100,000 ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo àkójọ tó ṣeé ṣe wò kò ní parí láyé. Nọ́ńbà 40 péré ti ní àkójọ tó ju tírílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀nà tó sàn díẹ̀ ni pé kí a dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ká bojú wẹ̀yìn wo gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ká sì bèèrè èwo nínú wọn ló lè tẹ̀ lé. Ọ̀nà yìí tọ̀nà, àmọ́ fún nọ́ńbà 100,000, ó máa bojú wẹ̀yìn nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ìgbà.

Ọ̀nà tó yá jù yẹn lọ dúró lórí òye kan ṣoṣo. Ká ní ọ̀wọ́ méjì wà lọ́wọ́ wa, tí gígùn wọn dọ́gba, ọ̀kan parí sí 8, èkejì parí sí 6. Èwo ni ká pa mọ́? Èyí tó parí sí 6 ni. Nọ́ńbà yòówù tó bá lè tẹ̀ lé 8 lè tẹ̀ lé 6 náà, ṣùgbọ́n 7 lè tẹ̀ lé 6, kò sì lè tẹ̀ lé 8. Ọ̀wọ́ tó parí sí 8 kò ní àǹfààní kankan tí ìkejì rẹ̀ kò ní. Nítorí náà, fún gígùn kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan ṣoṣo la nílò láti rántí: nọ́ńbà ìkẹyìn tó kéré jù lọ tí ọ̀wọ́ onígùn bẹ́ẹ̀ tíì parí sí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí ka ìlà ìwé mi. Mo mú bébà kan, mo sì ń kọ àwọn ìkẹyìn sí i: àyè kìíní wà fún ọ̀wọ́ ẹlẹ́yọ kan, àyè kejì fún ọ̀wọ́ oní-méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin rẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà tuntun bá ju gbogbo èyí tó wà lórí bébà lọ, a fi kún ìparí. Bí kò bá jù wọ́n lọ, ó gba àyè nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí kò kéré sí i.

4 dé, bébà di [4]. 8 ju 4 lọ, ó di [4, 8]. 2 dé, ó gba àyè 4, ó di [2, 8]. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ta kò ó níbí: ṣebí 8 ṣáájú 2 nínú ìlà, báwo ni wọ́n ṣe wá jókòó pọ̀? Wọn kò jókòó pọ̀. Ohun tí 8 ń sọ ni pé, “ọ̀wọ́ oní-méjì kan wà tó parí sí èmi,” ọ̀wọ́ yẹn sì ni 4, 8, tí kò bàjẹ́ nítorí pé 2 dé. Ohun tí 2 ń sọ ni pé, “ọ̀wọ́ ẹlẹ́yọ kan lè parí sí èmi báyìí.” Ẹ̀rí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

6 dé, ó gba àyè 8, ó di [2, 6]. 9 wọlé sí ìparí: [2, 6, 9]. 3 gba àyè 6: [2, 3, 9]. 5 gba àyè 9: [2, 3, 5]. 1 gba àyè 2: [1, 3, 5]. Lẹ́yìn náà ni 7 dé, ó ju gbogbo wọn lọ: [1, 3, 5, 7]. Àyè mẹ́rin ló wà lórí bébà, nítorí náà mẹ́rin ni ìwé tí mo lè fi sílẹ̀, márùn-ún ni mo gbọ́dọ̀ ṣí.

Ibi tí àkókò ti dínkù wà nínú bí bébà yẹn ṣe rí. Nígbàkígbà tí ẹ bá wò ó, nọ́ńbà orí rẹ̀ ń gòkè láti òsì dé ọ̀tún, kì í ṣe nípa oríire. Bí ọ̀wọ́ oní-mẹ́ta kan bá parí sí 9, tí a sì gé 9 yẹn kúrò, ohun tó kù jẹ́ ọ̀wọ́ oní-méjì tó parí sí nọ́ńbà tó kéré sí 9. Èyí túmọ̀ sí pé ìkẹyìn inú àyè kejì kò lè tó 9 láé. Bí ìlà kan bá sì ti wà létòlétò báyìí, kò sí ìdí láti máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè ń ṣí àárín rẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ tó ń wá bá ṣáájú, ó ju ìdajì ẹ̀yìn nù, bí kò bá ṣáájú, ó ju ìdajì iwájú nù, ó sì tún pín ìyókù sí méjì. Bí nọ́ńbà 100,000 bá wà lórí bébà, pípín lọ́nà 17 ti tó láti rí àyè tó tọ́. Ìwọ̀n pípín yẹn ni wọ́n ń kọ ní log n. Nígbà tí nọ́ńbà n bá sì ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà di n log n. Fún 100,000, ìyẹn kò ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 ìfiwéra lọ, dípò bílíọ̀nù márùn-ún.

Ní èdè Python, gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```python
from bisect import bisect_left

def gigun(ila):
    ikeyin = []
    for x in ila:
        i = bisect_left(ikeyin, x)
        if i == len(ikeyin):
            ikeyin.append(x)
        else:
            ikeyin[i] = x
    return len(ikeyin)
```

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ ni pé ẹni tó kọ ọ́ á gbà pé ohun tó kù lórí bébà ni ìdáhùn. Ẹ tún wo [1, 3, 5, 7]. Lórí pẹpẹ mi, 1 wà lẹ́yìn 3 àti 5. Bí mo bá fi ìwé mẹ́rin yẹn sílẹ̀, pẹpẹ náà kò ní tò. Gígùn ni bébà náà mọ̀. Kò mọ àwọn tó wà nínú ọ̀wọ́ náà. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bá ti gba àyè, kí ó kọ orúkọ ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀, nítorí ẹni yẹn lè ṣí lọ nígbà tó bá yá. Nígbà tí 3 wọlé, 2 ló bá lápá òsì. 5 bá 3. 7 bá 5. Ní ìparí, a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ 7, a sì tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ wọ̀nyí padà sẹ́yìn: 7, 5, 3, 2. A dojú rẹ̀ kọ iwájú, ó di 2, 3, 5, 7. Àwọn ìwé mẹ́rin yìí ni mo fi sílẹ̀, mo sì ṣí 4, 8, 6, 9 àti 1.

Kì í ṣe orí pẹpẹ ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń lo Git láti fi tọ́jú àtúnṣe iṣẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá tẹ `git diff --patience`, Git á mú àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tó fara hàn lẹ́ẹ̀kan péré nínú fáìlì àtijọ́ àti lẹ́ẹ̀kan péré nínú tuntun, á wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nísinsìnyí, á sì wá ọ̀wọ́ tó ń gòkè tó gùn jù nínú àwọn ipò wọ̀nyẹn. Àwọn tó bá bọ́ sínú ọ̀wọ́ náà ló kà sí ìlà tí kò ṣí nípò. Àwọn ló fi ṣe òpó, kó tó wá fi ohun tó wà láàárín wọn wéra. Bram Cohen, tó ṣe BitTorrent, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara eré káàdì tí ènìyàn kan ń dá ta, níbi tí a ti ń to káàdì kékeré lé ńlá lórí. Bí a bá ń gbé káàdì kọ̀ọ̀kan sórí òkìtì àkọ́kọ́ lápá òsì tó lè gbà á, àwọn káàdì tó wà lókè òkìtì náà kò yàtọ̀ sí bébà wa.

Bébà yìí ti pẹ́ láyé ju Git lọ. Ó wà nínú iṣẹ́ tí Craige Schensted tẹ̀ jáde ní 1961. Ní 1975, Michael Fredman fi hàn pé ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà nìkan kò lè rí ọ̀nà tó yá ju n log n lọ ní tòótọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò ní wíwá ọ̀nà tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń tan ènìyàn jẹ: nọ́ńbà tó bára dọ́gba. Kò sí èyí lórí pẹpẹ mi, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú iye owó ọjà tàbí máàkì ìdánwò. Bí ohun tí à ń fẹ́ bá jẹ́ ọ̀wọ́ tó ń gòkè gan-an, `bisect_left` ni ká lò, kí nọ́ńbà tuntun lè gba àyè ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ dọ́gba. Bí a bá gbà kí ọ̀wọ́ náà dúró sójú kan láìsọ̀kalẹ̀, `bisect_right` ló tọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè yí ìdáhùn padà pátápátá, ètò náà kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ìlà gígùn kankan lé e lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fún un ní 3, 3, 3. Ọ̀wọ́ tó ń gòkè gan-an gbọ́dọ̀ dáhùn 1. Bí ó bá dáhùn 3, ẹ padà lọ wo ìlà tí `bisect` wà.