Àtẹ̀jíṣẹ́ Àkọ́kọ́ sí Onílé

Lẹ́yìn ìkíni, ilé náà gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ sí onílé gbọ́dọ̀ dárúkọ, torí onílé mìíràn ní ju fúláàtì kan lọ, "ilé yín" lásán kò sì ní yé e. Ẹni tó ń wá ilé ní Súrùlérè, l'Ékòó, lè kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo rí ìpolówó fúláàtì oníyàrá méjì yín ní Súrùlérè, èyí tó wà lókè pátápátá. Ṣé ó ṣì ṣófo? Tó bá ṣì wà, mo lè wá wò ó ní Sátidé láago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí lọ́jọ́ Àìkú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn? Èmi àti ìyàwó mi la fẹ́ máa gbé ibẹ̀."

Àkókò méjì tó dárúkọ yẹn ló wúlò jù: onílé á kàn mú ọ̀kan ni, kò ní sí "ìgbà wo lẹ máa wá?" tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ṣì lè dúró di ìgbà tó bá rí ilé. Ṣùgbọ́n bí èsì bá ní kó kọ́kọ́ san owó ilé kó tó wò ó, kó yáa sá fún un, àmì jìbìtì nìyẹn.