Kí Ni Kò Lópin Gan-an? Lẹ́tà Onísọ́ọ̀bù sí Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù

Nínú gbogbo lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́tà ìbéèrè ni ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù lọ. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ohun tí ènìyàn kò mọ̀ ni yóò kàn kọ sílẹ̀. Lóòótọ́, àwọn àgbà sọ pé abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sọ ibi tí ó ń lọ, kò sí ẹni tí yóò lè júwe ọ̀nà fún un. Lẹ́tà tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín ni èyí tí onísọ́ọ̀bù kan lè kọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, láti bèèrè pé kí wọ́n fi ìwé sọ ibi tí òpin wà fún dátà oníṣòwò tí òun ń rà.

Ká ní Ìwàrò-Ọ̀kà ní Àkókó ni sọ́ọ̀bù náà wà, níbi tí kò jìnnà sí Àkùngbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ń wá síbẹ̀ láti tẹ ìwé, láti fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, àti láti fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí olùkọ́. Kọ̀ǹpútà 6 ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń lo nǹkan bíi gígábáìtì 1 lójúmọ́. Bí sọ́ọ̀bù bá ń ṣí fún ọjọ́ 25 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 150. Dátà tí onísọ́ọ̀bù náà ń rà, “àìlópin” ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Síbẹ̀, bí oṣù bá ti ń parí lọ, iṣẹ́ a máa falẹ̀, àwọn oníbàárà a sì máa gba sọ́ọ̀bù mìíràn lọ.

Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá ni “àìlópin”: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ “àì-” ni a fi mọ́ “ní òpin”, tí ó ti di “lópin”. Ọ̀rọ̀ náà sọ pé òpin kò sí, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí òpin kò sí fún. Ṣé iye dátà ni kò lópin ni, àbí ìyára rẹ̀, àbí iye ẹ̀rọ tí ó lè lò ó? Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn dátà, iye nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Dátà kò ní í dúró, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá ti lò dé ìwọ̀n kan, ilé-iṣẹ́ yóò dín ìyára rẹ̀ kù títí di ọjọ́ tí òǹkà yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí wà fún èyí. Gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ òpó kan ni ó jọ ń pín agbára òpó náà láàárín ara wọn, agbára náà sì níwọ̀n. Bí ẹnì kan bá ń fa dátà láìdáwọ́ dúró, ti ẹlòmíràn ni yóò máa dín kù. Nítorí náà, kì í ṣe wíwà tí òpin wà ni ẹ̀sùn, bí kò ṣe pé a kò sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ AT&T ta dátà àìlópin fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2011 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára kù fún àwọn tí ó bá lò kọjá ìwọ̀n kan; ìwọ̀n náà kò ju gígábáìtì 2 lóṣù lọ fún àwọn mìíràn. Ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 2014, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìṣòwò níbẹ̀ pè é lẹ́jọ́ pé kò sọ òpin náà fún àwọn oníbàárà bí ó ti yẹ. Ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 60 dọ́là, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún un láti polówó iye tàbí ìyára dátà láìfi òpin tí ó wà níbẹ̀ hàn gbangba.

Ní Nàìjíríà, Àjọ Ìbánisọ̀rọ̀, tí a mọ̀ sí NCC, ni Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 fún láṣẹ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ìlànà tí àjọ náà ṣe pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ fún oníbàárà ní àlàyé tí ó pé, tí ó jẹ́ òtítọ́, tí èdè rẹ̀ sì yéni. Nítorí náà, onísọ́ọ̀bù tí ó bá kọ lẹ́tà kò tọrọ àánú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń bèèrè. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Lẹ́yìn àdírẹ́sì méjèèjì, déètì àti nọ́ńbà ìlà rẹ̀, ó lè kọ ọ́ báyìí:

Alàgbà,

ÌBÉÈRÈ LÓRÍ ÒPIN DÁTÀ ONÍṢÒWÒ TÍ Ẹ PÈ NÍ ÀÌLÓPIN

Mo ní sọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ní Ìwàrò-Ọ̀kà, Àkókó. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń ra dátà tí mo dárúkọ lókè yìí. Kí n tó rà á fún ọdún kan gbáko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé dá mi lóhùn lórí ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Gígábáìtì mélòó ni mo lè lò kí ẹ tó dín ìyára kù? Ṣé òpin mìíràn tún wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan?

2. Bí ẹ bá dín ìyára náà kù, mẹ́gábíìtì mélòó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni yóò kù fún mi?

3. Ọjọ́ wo àti aago mélòó ni òǹkà ń padà sí òdo?

4. Ẹ̀rọ mélòó ni ó lè lo ìlà kan ṣoṣo? Ṣé àdéhùn gbà kí àwọn oníbàárà mi lò ó nínú sọ́ọ̀bù?

5. Báwo ni n óò ṣe máa mọ iye tí mo ti lò, ọjọ́ mélòó ṣáájú ni ẹ óò sì sọ fún mi bí ẹ bá fẹ́ yí òpin wọ̀nyí padà?

Bí kò bá sí òpin lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N óò dúpẹ́ bí èsì yín bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni pé kò sí ìbéèrè kan níbẹ̀ tí a lè fi “iṣẹ́ wa dára púpọ̀” dáhùn. Iye, ọjọ́, tàbí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn wọn. Ìbéèrè kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó sì wúwo jù. Ká ní èsì sọ pé gígábáìtì 100 ni òpin, tí ìyára yóò sì ti orí mẹ́gábíìtì 12 bọ́ sí 1. Sọ́ọ̀bù tí ó ń lo gígábáìtì 6 lójúmọ́ yóò kan òpin yìí ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹtàdínlógún. Bíìtì 8 ni ó wà nínú báìtì 1. Bí kọ̀ǹpútà 6 bá jọ pín mẹ́gábíìtì 12, ìwé tí ó tó mẹ́gábáìtì 5 yóò wọlé sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bí wọ́n bá jọ pín mẹ́gábíìtì 1, ìwé kan náà yóò gba ìṣẹ́jú 4. Lójú ìwé, dátà kò tán. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó dúró ti bínú lọ. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a wo lẹ́tà tí ó wà nínú èsì: `Mb` ni mẹ́gábíìtì, `MB` ni mẹ́gábáìtì, èkejì sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ èkíní.

Ìbéèrè kẹta náà ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ dátà tí a ń pè ní ti oṣù kan, ọjọ́ 30 ni. Ìgbà 12 tí a bá ra irú rẹ̀, ọjọ́ 360 ni yóò jẹ́, kì í ṣe ọdún kan. Ní ti ìkẹrin, àdéhùn mìíràn kò gbà kí ẹni tí ó ra dátà tún un tà fún ẹlòmíràn. Ó sàn kí onísọ́ọ̀bù mọ èyí kí ó tó sanwó ju kí wọ́n wá ti ìlà rẹ̀ pa.

Bí èsì bá dé, ó di òṣùwọ̀n tí a lè fi wádìí, bí ẹni fi kóńgò wọn gàrí ọjà. Ìfàsẹ́yìn íńtánẹ́ẹ̀tì ní ohun púpọ̀ tí ó lè fà á, pàápàá ní Ọ̀kà tí òkè àti àpáta ńlá lè dí ọ̀nà láàárín òpó àti sọ́ọ̀bù. Kí onísọ́ọ̀bù fi `*323#` wo iye dátà rẹ̀, kí ó sì fi `fast.com` wọn ìyára ní aago márùn-ún ìdájí àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Kí ó má wọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́, nítorí ìwọ̀n náà ń jẹ dátà. Bí ó bá yá ní ìdájí tí ó sì falẹ̀ lálẹ́, èrò ni ó pọ̀ lábẹ́ òpó. Bí ó bá yá sí i nígbà tí a gbé ẹ̀rọ sí ojú fèrèsé tàbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òkè tàbí ògiri ni ó dí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró sójú kan ní ìdájí àti lálẹ́, ní nǹkan bí iye tí wọ́n kọ sí ìdáhùn kejì, tí ó sì tún yá ní ọjọ́ tí òǹkà padà sí òdo, òpin àdéhùn ni ó ti kàn. Ẹni tí kò ní iye náà lọ́wọ́ kò ní í lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ṣeé ṣe kí ilé-iṣẹ́ fi tẹlifóònù dáhùn dípò ìwé. Kí onísọ́ọ̀bù dúpẹ́, kí ó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú padà lọ́jọ́ náà pé báyìí ni wọ́n ṣe sọ fún òun, kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èsì, ẹ̀dà lẹ́tà náà àti nọ́ńbà ẹ̀sùn ni yóò fi pe NCC lórí `622`. Ilé-iṣẹ́ ni a kọ́kọ́ ń fi ẹjọ́ sùn kí a tó dé ọ̀dọ̀ àjọ.

Lẹ́tà yìí kò ní í mú kí íńtánẹ́ẹ̀tì yá ju bí ó ti wà lọ. Ohun tí yóò ṣe ni pé onísọ́ọ̀bù tí ó nílò gígábáìtì 150 yóò mọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé 100 ni wọ́n ń tà fún òun. Yóò sì lè pinnu bóyá kí òun ra èyí tí ó tóbi jù ú, tàbí kí òun ra ìlà kejì fún ọjọ́ mẹ́jọ tí ó kù.