Kí ẹ tó gbé oògùn ọmọdé sórí káńtà: ìwé wo ló yẹ kí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín?

Ẹ̀yin tó ń ta oògùn ní Ìwéré-Ilé àti káàkiri Òkè-Ògùn, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọlọ́jà kan á pè láti Ìbàdàn, á ní, "Oògùn ọmọdé tuntun ti dé o, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá, ṣé kí n fi páálí méjì ránṣẹ́?" Kí ọkọ̀ tó gba Ìsẹ́yìn dé, àwòrán ìgò náà ti wà lórí wàsáàpù, àwọn ìyá ọmọ sì ti ń béèrè iye tí ẹ ń tà á. Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìgò, nítorí náà ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀.

Ṣé nọ́ńbà yẹn nìkan tó? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 2008.

Ní ìparí ọdún náà, àwọn dókítà ń rí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọn kò lè tọ̀ mọ́, tí wọ́n ń bì, tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó pa àwọn ọmọ náà pọ̀ ni oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ń pè ní "My Pikin", tí ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ń ṣe. Nígbà tí NAFDAC ṣe ìṣirò, ọmọ 84 ló ti kú.

Ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti inú yàrá òkùnkùn o. Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni, oògùn tí NAFDAC mọ̀ sì ni. Inú ohun tí wọ́n fi pò ó ni ìjàǹbá ti wọlé. Olómi kan wà tí wọ́n máa ń fi yọ́ oògùn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ própílíìnì gíláíkọ́ọ̀lì. Kò léwu ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nínú oògùn. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan, dáyẹ́tílíìnì gíláíkọ́ọ̀lì, tí wọ́n ń lò nínú omi búréèkì ọkọ̀ àti ní ilé iṣẹ́. Májèlé ni ìyẹn. Àwọn méjèèjì ki díẹ̀, wọn ò ní àwọ̀, wọ́n sì ń dùn lẹ́nu. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n.

Lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ ni Barewa ti ra olómi náà. Wọ́n pè é ní própílíìnì, dáyẹ́tílíìnì sì ni. Kò sí àyẹ̀wò kankan tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé orúkọ oògùn ni nọ́ńbà NAFDAC ń ṣojú fún. Kò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n pò ní oṣù tó kọjá. Ìwé tó ń sọ ìyẹn ni ìwé àbájáde àyẹ̀wò, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní COA. Gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ bá po oògùn, wọ́n máa ń fún ìpò náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí a ń pè ní báàṣì nọ́ńbà. COA gbọ́dọ̀ jẹ́ ti báàṣì yẹn gan-an.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta lẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà ìwé àṣẹ ẹni tó ń tà á fún yín, tí PCN, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ oògùn títà, fún un. Èkejì ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC oògùn náà. Ẹ tún fojú ara yín wò ó lórí ìkànnì `greenbook.nafdac.gov.ng`: ṣé orúkọ oògùn àti ilé iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bá ti ìgò mu? Ẹ̀kẹta ni COA, pẹ̀lú rìsíìtì tí wọ́n kọ báàṣì nọ́ńbà sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nílé wa fẹ́ ra páálí méjì parasitámọ́ọ̀lù olómi ti ọmọdé. Ọlọ́jà fi àwòrán COA ránṣẹ́. Báàṣì tó wà lórí ìwé ni 0417, oṣù kẹta ni wọ́n sì pò ó. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ìgò fún òun, ó rí 0432, oṣù kẹfà. Ìwé yìí lè jẹ́ ojúlówó o, àmọ́ ti oògùn mìíràn ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ti 0432 ni mo fẹ́." Bí ọlọ́jà bá wá a rí, kí wọ́n máa ná ọjà wọn lọ. Bó bá ní "Ìkan náà ni gbogbo ẹ̀," kí ìyá fi owó rẹ̀ sápò.

Tí ìwé tó tọ́ bá dé, ẹ wò ó dáadáa. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n po oògùn, irọ́ ni. Bí iye tó wà lórí ìwé báàṣì méjì bá rí bákan náà láìyàtọ̀ rárá, ẹ fura. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ dáyẹ́tílíìnì sí: kò gbọ́dọ̀ ju giramu kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún giramu olómi tí wọ́n fi pò ó. Bí ìlà náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bóyá wọ́n yẹ olómi náà wò. Nọ́ńbà tí ẹ bá máa pe ilé iṣẹ́ sí, ẹ má mú un láti orí ìwé yẹn, torí ẹni tó ṣe ayédèrú ìwé lè kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀.

Òótọ́ kan wà tí a kò ní fi pa mọ́. Ẹni tó ń ra ìgò mẹ́fà lè má rí COA gbà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà á ní òun ò ní i lọ́wọ́. Àwọn tó ń ra oògùn kan náà lè parapọ̀ béèrè ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ rí i gbà, ẹ má gba ọjà láìsí rìsíìtì tó ní báàṣì nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé títà yín. Ọjọ́ tí NAFDAC bá kéde pé kí wọ́n kó báàṣì kan kúrò lọ́jà, ẹ̀yin á mọ ìgò tí ẹ máa yọ, ẹ ó sì mọ ìyá ọmọ tí ẹ máa sáré lọ bá.

Ẹ̀yin ìyá náà, bí ọmọ bá mu oògùn olómi, tó wá ń bì, tí kò sì tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání.