Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Ẹni Tó Yege ICAN Lẹ́yìn Ìkùnà

Bí èsì ìdánwò ICAN bá ti jáde, fọ́tò ẹ̀rín á kún ojú Wọ́sáàpù. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ẹni tó yege nígbà àkọ́kọ́: á dúpẹ́, ó parí. Ẹni tó ti fìdí rẹmi léraléra ni kì í mọ ohun tí yóò kọ sábẹ́ fọ́tò tirẹ̀. Tó bá dákẹ́ lórí ìkùnà, àwọn ará ibi iṣẹ́ tó mọ̀ á máa wojú ara wọn. Tó bá sọ ọ́, ìtìjú ń bà á lẹ́rù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá sínú “ojú ti àwọn ẹlẹ́gàn.”

Òfin ọdún 1965 ló dá ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó Nàìjíríà, sílẹ̀. Akíntọ́lá Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìpele mẹ́ta ni ìdánwò wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń ṣe é lọ́dún, ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kọkànlá. Máàkì 50 nínú 100 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kùnà lóṣù Karùn-ún á fi bí ìdajì ọdún dúró kó tó tún jókòó, iṣẹ́ oṣù kò sì ní dúró dè é.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka owó ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Ìdánwò owó-orí ló ń gbé e ṣubú. Ó rò pé òun kò kàwé tó ni, ó bá tún ń ka ìwé kan náà. Ìwé náà gan-an ni ìṣòro, nítorí kí òfin owó-orí tó yí padà ni wọ́n ti kọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020, owó-orí ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí VAT kúrò ní ìdá 5 nínú 100, ó di ìdá 7.5. Lórí ọjà 200,000 náírà, 10,000 náírà ni ìwé rẹ̀ ń sọ, 15,000 sì ni òfin ń béèrè. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ìṣirò tó tí irú èyí kò ní jẹ ẹ́ ní máàkì.

Ó rí ọ̀nà àbáyọ nínú Pathfinder, ìwé tí ICAN ń gbé jáde lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè àti ìdáhùn wà níbẹ̀. Àlàyé àwọn tó máàkì ìdánwò náà wà níbẹ̀, lórí ibi tí àwọn olùdánwò ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ibẹ̀ ló ti rí àṣìṣe tirẹ̀. Ó wá òfin tuntun kà, ó sì ń fi aago síwájú dáhùn ìbéèrè ní òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yege, ohun tó lè kọ nìyí:

“Mo ti yege ìpele ìkẹyìn ICAN. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Owó-orí ló ń fà mí sẹ́yìn: òfin ti yí padà, ìwé àtijọ́ ni mo ṣì ń kà. Mo sunkún, mo pa ìwé náà tì, mo wá èyí tó bágbà mu. Ọkọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi mójú tó àwọn ọmọ. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ẹni tí owó-orí bá ń dà láàmú, kó pè mí.”

Kò ka iye ìgbà tó kùnà fún ẹnikẹ́ni, kò sì pa á mọ́. Ó dárúkọ iṣẹ́ tó gbé e ṣubú, ó sọ ìdí rẹ̀ àti ohun tó yí padà. Ẹni tí èsì tirẹ̀ kò dára lọ́jọ́ yẹn lè rí nǹkan mú lò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ “ojú ti àwọn ẹlẹ́gàn” ló kọ ni, ẹni yẹn lè rò pé òun ni wọ́n ń bú. Bó bá sì jẹ́ ìwé èsì ló fẹ́ gbé síta dípò fọ́tò, kó kọ́kọ́ bo nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ayọ̀ máa ń mú kí èèyàn gbójú fò: kò tíì kọ ACA sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Yíyege ìdánwò kò tíì sọni di ọmọ ẹgbẹ́. Ó ṣì ku kí ICAN gbà á wọlé níbi ayẹyẹ ìgbàwọlé, kó tó lè lo lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ìpéye àti òtítọ́ inú ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe àkọmọ̀nà. Ẹni tó bá ti fi ACA sábẹ́ fọ́tò kí ọjọ́ ìgbàwọlé tó pé ti rú méjèèjì kó tó wọlé. Kó fi lẹ́tà náà pa mọ́ de fọ́tò ọjọ́ ayẹyẹ.