Ẹ ka àwo kí ẹ tó gbé ìrẹsì kaná

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ta oúnjẹ ní Rye Lane àti àyíká Peckham Rye, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó, ọ̀rọ̀ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó máa ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò lálẹ́ Sátidé la gbé dé lónìí. Nílé, ewúrẹ́ ló ń jẹ àjẹkù. Níbí, láti ọdún 2001 tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu ti jà láàárín ẹran ọ̀sìn ni ìjọba ti fòfin de fífi àjẹkù ilé ìdáná bọ́ wọn. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ máa da oúnjẹ sínú garawa ọ̀tọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027 ni gbèdéke àwọn tó kéré sí i. Ẹni tó ń kó garawa yìí kì í kó o lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sanwó ìrẹsì tán, ẹ ó tún sanwó kí wọ́n tó gbé e dànù.

Ká má tan ara wa, kì í ṣe alẹ́ ni ìrẹsì yẹn ń ṣòfò. Àárọ̀ ni, nígbà tí ìyá oníbúkà bá wọn kílò mẹ́wàá nítorí pé kílò mẹ́wàá ló ti mọ́ ọn lára. Kílò kan ìrẹsì tí a kò tíì sè máa ń di nǹkan bíi kílò méjì ààbọ̀ tó bá jinná. Bí àwo kan bá jẹ́ gíráàmù 350, kílò kan á kún àwo méje, kílò mẹ́wàá á kún àwo 70. Ká wá sọ pé ẹ kọ iye tí ẹ tà sílẹ̀ fún Sátidé mẹ́rin, tó jẹ́ àwo 52, 58, 49 àti 57. Ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́rin, àwo 54 ni. A jẹ́ pé bí àwo mẹ́rìndínlógún ló ń ṣẹ́kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àmọ́ ìwé yẹn náà lè parọ́ fún yín o. Bí ìrẹsì bá tán ní aago mẹ́rin, tí ẹ sì kọ 42 sílẹ̀, ìyẹn kò sọ pé èèyàn 42 péré ló fẹ́ jẹun. Àwọn tó rí jẹ lẹ kọ. Torí náà, ẹ máa kọ aago tó tán mọ́ ọn. Sátidé tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ má pò ó mọ́ ti ọjọ́ lásán.

Kí la wá máa sè? Kílò mẹ́fà láàárọ̀, ìyẹn àwo 42. Ata tí ẹ ti dín, ẹ pín in, kí ẹ tọ́jú ti ìkòkò kejì sínú fíríìjì. Bí ẹ bá ń ta bí àwo méjìlá láàárín wákàtí kan, tí ìkòkò kejì sì ń gba ìṣẹ́jú 50, ìgbà tó bá ku àwo méjìlá ni kí ẹ gbé kílò méjì sí i kaná. Bí ọjà bá tutù, ẹ má gbé e rárá. Ata dídín ṣe é kó sí fíríísà, ìrẹsì tó ti jinná ni kò ní sùúrù.

Ìdí ni pé kòkòrò kan tí ojú ò lè rí wà lára ìrẹsì, tí sísè kò lè pa tán. Bí ìrẹsì bá jókòó ní lọ́wọ́ọ́wọ́, kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tu oró, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kì í sì í pa oró ọ̀hún. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ yìí ní kí ẹ jẹ́ kó tutù láàárín wákàtí kan, kó má pẹ́ ju wákàtí 24 lọ nínú fíríìjì, kí ẹ sì gbé e kaná lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú ìkòkò ńlá, kò lè yára tutù. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú tírè. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ dígírì 63 lórí káńtà fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, ẹ dà á nù, ẹ má wo ojú ẹ̀.

Èènì náà ń kó bá wa. Kò burú, àṣà wa ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń bu oúnjẹ kò dọ́gba. Gíráàmù 50 lé lórí àwo kọ̀ọ̀kan, lórí àwo 54, lé díẹ̀ ní kílò kan ìrẹsì tí a kò tíì sè. Ẹ wọn àwo mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan, ẹ ó rí i fúnra yín. Kí ẹ sì máa wo àwo tó ń padà wálé: bí ìrẹsì bá ń kù sí i ṣáá, ẹ dín ìwọ̀n kù, kí ẹ máa fi èènì fún ẹni tó bá béèrè.

Ti gígé-kù kò le. Ẹ̀yìn àti ọrùn adìyẹ, eegun, ìdí àlùbọ́sà, igi táìmù, ẹ sè wọ́n, kí ẹ sẹ́ ẹ. Omi yẹn ni kí ẹ fi se ìrẹsì. Orí ẹja, bí ìṣẹ́jú 30 ti tó, tó bá pẹ́ jù á korò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti rọ̀ jù fún dòdò gan-an ni àwọn ará Ìkirè ń wá: wọ́n á gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Tí èèpo bá dúdú, kò burú. Inú ni kí ẹ wò. Tó bá ti hu funfun tàbí tó ń rùn bí ọtí, kò sí Ìkirè tó lè gbà á.